Ínfọ́ìsì Inú Fọ́tò: Ṣé Gbogbo Àṣìṣe Ló Yẹ Ká Kọ Sílẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà lónìí, ínfọ́ìsì kì í sábà dé nínú àpòòwé mọ́. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà wá á tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, á sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sanwó kí mọ́tò tó gbéra. Ẹni tó gba fọ́tò náà ní ìpinnu méjì láti ṣe. Èkíní ni bí yóò ṣe jinlẹ̀ tó nínú yíyẹ ìṣirò náà wò. Èkejì ni pé, bí ó bá rí ohun tí kò bára mu, ṣé gbogbo rẹ̀ ni yóò tò jọ ránṣẹ́ padà ni, àbí èyí tó tóbi nìkan? Àwọn ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìhà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdí tó múná dóko.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà wà lójú sánmà, ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn ra ọjà mẹ́rin lọ́wọ́ alágbàtà ńlá kan, tí wọ́n sì jọ ṣàdéhùn ẹ̀dínwó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó wà nínú fọ́tò náà nìyí:

- Ọṣẹ ìfọṣọ, páálí 24, ₦9,850 páálí kan: ₦236,400
- Ọṣẹ ìwẹ̀, páálí 15, ₦14,200 páálí kan: ₦231,000
- Ìrẹsì ilẹ̀ wa, àpò 6, ₦68,500 àpò kan: ₦411,000
- Ọṣẹ ìfọyín, páálí 10 (tàbí 16, òjìji bò ó), ₦18,750 páálí kan: ₦187,500
- Àròpọ̀: ₦1,065,900
- Ẹ̀dínwó: ₦21,318
- Fáàtì, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún: ₦79,942.50
- Gbogbo owó tí ẹ ó san: ₦1,124,524.50

Àwọn tó gbà pé àyẹ̀wò ṣókí ti tó máa ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ìwé. Wọ́n á ro iye mẹ́rin tó wà lápá ọ̀tún pọ̀, yóò sì fún wọn ní ₦1,065,900 gẹ́lẹ́. Wọ́n á wá ìdá 2 rẹ̀, ₦21,318 ni. Wọ́n á wá ìdá 7.5 rẹ̀, ₦79,942.50 ni. Wọ́n á yọ ẹ̀dínwó kúrò, wọ́n á fi fáàtì kún un, iye tó wà nísàlẹ̀ náà ló sì máa jáde. Ìṣirò mẹ́rin péré lórí kakulétọ̀ fóònù, gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Ìhà yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹni tó ń gba ogún ínfọ́ìsì lọ́sẹ̀, tí òun nìkan ń tajà, tí ó tún ń dáhùn oníbàárà, kò lè jókòó ti ìlà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò wọn ni àròpọ̀ wọn máa ń tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ wa yìí fi ibi tí àyẹ̀wò yẹn dé dúró hàn. Àwọn tó ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò á kọ́kọ́ fi iye ọjà lọ́nà iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páálí 24 lọ́nà ₦9,850 jẹ́ ₦236,400, ó tọ̀nà. Páálí 15 lọ́nà ₦14,200 jẹ́ ₦213,000, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ ni ₦231,000. Nọ́ńbà méjì ló gba ipò ara wọn, 1 àti 3. Àṣìṣe yìí ti wọ inú àròpọ̀ kí a tó ṣe é, ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ fi lè tọ̀nà lórí ohun tí kò tọ̀nà. Àwọn oníṣirò ní àmì kan tí wọ́n fi ń fura sí irú èyí: bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjì bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló yípò. ₦18,000 ni ìyàtọ̀ tiwa, tí a bá sì pín in sí mẹ́sàn-án, ₦2,000 ni. Àmì lásán nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀rí. Fífi iye ọjà lọ́nà owó rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Síbẹ̀, ẹni tó fara mọ́ àyẹ̀wò ṣókí lè sọ pé irú ìwé báyìí ṣọ̀wọ́n, pé ìwé tí a fọwọ́ kọ tàbí tí ẹnì kan tún tẹ̀ ni nọ́ńbà ti sábà ń yípò. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ìṣirò ìlà fún alágbàtà yín, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ díẹ̀ lórí ìlọ́po, kí ẹ sì gbé àkókò yín lọ síbòmíràn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fọ́tò kì í sọ fún wa ìlà tí ẹ̀rọ ṣe àti èyí tí ènìyàn tẹ̀ sí i. Ìwé tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà lè jẹ́ èyí tí akọ̀wé fi kakulétọ̀ ṣírò, tí ó wá tẹ ìdáhùn rẹ̀ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ fọ́tò fúnra rẹ̀. Wo ìlà kẹrin. Òjìji ọwọ́ ẹni tó ya fọ́tò bọ́ sórí iye páálí, a kò sì mọ̀ bóyá 10 ni tàbí 16. Àwọn kan á ní ìwọ̀nyí gan-an ló mú kó yẹ kí a dúró de ìwé gidi. Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, bí ó sì ṣe ń fún un pọ̀ ni etí àwọn nọ́ńbà tín-ín-rín ń parẹ́: 3 á dà bí 8, 1 á dà bí 7, kọ́mà á sì dà bí àmì tó ya náírà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́bọ̀. Bí ìwé bá jẹ́ ẹ̀dà kábọ̀n tí inú rẹ̀ ti ṣá, ó tún burú sí i. Ẹni tó bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pe alágbàtà ní aláṣìṣe lè rí i nígbà tí ìwé gidi bá dé pé ojú òun ni ó ṣàṣìṣe.

Àwọn tó wà ní ìhà kejì náà kò ṣàì ní ìdáhùn. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, iye ọjà, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti owó ìlà náà, pé bí a bá rí méjì kedere, ẹ̀kẹta kò lè fara pamọ́. ₦187,500 tí a pín sí ₦18,750 jẹ́ 10. Bí ó bá jẹ́ 16 ni, ₦300,000 ni ìlà náà ì bá jẹ́. Nítorí náà, 10 ni alágbàtà gbà lówó rẹ̀, ohunkóhun tí ojú wa ìbáà rí. Ìdáhùn yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tirẹ̀. Ohun tí ó fi yé wa ni iye páálí tí a dá owó lé, kì í ṣe iye páálí tó wà nínú mọ́tò. Bí wébíìlì bá sọ pé 16 ló délé, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé bí nọ́ńbà méjì bá ṣókùnkùn nínú ìlà kan náà, ìpín kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Nígbà yẹn, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a ní kí wọ́n tún un yà níta gbangba, kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì dípò fọ́tò, kí Wasáàpù má baà fún un pọ̀.

Títí dé ibí yìí, ó jọ pé àwọn tó ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò ló ń borí. Ṣùgbọ́n ibi tí owó pọ̀ sí jù nínú ìwé wa yìí, ìlọ́po ìlà kò lè rí i. Ọ̀rọ̀ fáàtì ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìdá rẹ̀ ti jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà. Ìdá 5 ni wọ́n ń gbà kí ó tó di ìgbà náà, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 kò sì yí 7.5 padà. Nítorí náà, ìdá tó wà lórí ínfọ́ìsì tọ̀nà. Ìlọ́po rẹ̀ náà tọ̀nà. Ohun tí kò tọ̀nà ni iye tí wọ́n gbé e kà lé lórí. Ìrẹsì wà lára àwọn oúnjẹ ìpìlẹ̀ tí òfin dárúkọ. Kí ọdún 2026 tó dé, wọ́n yọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ fáàtì. Lábẹ́ òfin tuntun, ìdá òdo ni wọ́n fi sí i. Lọ́nà méjèèjì, ẹni tó ra ìrẹsì kò ní fáàtì kankan láti san lórí rẹ̀. ₦411,000 lọ́nà ìdá 7.5 jẹ́ ₦30,825, iye yẹn sì pọ̀ ju àṣìṣe ọṣẹ ìwẹ̀ lọ.

Ẹni tó fẹ́ kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ á sọ pé kò sí ohun tó yẹ ká máa rò síbí, owó tí òfin kò béèrè ni, kí a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rọra ṣe ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Wọ́n ní àṣìṣe ìlọ́po àti àṣìṣe owó orí kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní, kakulétọ̀ ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀, alágbàtà kò sì lè jiyàn. Èkejì, òfin ló ń dá a, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń ta ọjà mọ ohun kan nípa ọjà náà tí ẹni tó rà á kò mọ̀. Ìrẹsì rọrùn láti dá mọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti sè, tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá alárànbarà, kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn. Ẹni tó bá fi ìdánilójú kan náà kọ àwọn méjèèjì ránṣẹ́ lè pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé lórí èyí tó dá a lójú nítorí èyí tí kò dá a lójú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ wọn yìí gba kí a dá oríṣi àṣìṣe sọ́tọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò gba kí a dákẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí fáàtì fi ń tan ojú jẹ, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n kí a má baà fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀. Àwọn alágbàtà kan máa ń fi fáàtì sínú owó ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá kọ ₦107,500 tí ó sì sọ pé fáàtì ti wà nínú rẹ̀, fáàtì ibẹ̀ jẹ́ ₦7,500, torí ₦107,500 la ó pín sí 107.5, kí a tó fi 7.5 lọ́nà rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìdá 7.5 nínú ₦107,500 tààrà á rí ₦8,062.50, á sì rò pé ìwé náà ṣàṣìṣe. Ìwé wa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó fi fáàtì kún un nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé kí a fara balẹ̀ kí a tó kọ̀wé ránṣẹ́ lè fi èyí ṣe ẹ̀rí wọn, ẹ̀rí wọn náà á sì jókòó.

Ohun kẹta ni ẹ̀dínwó, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkàn mi ti pín sí méjì jù. Alágbàtà yọ ìdá 2 kúrò nínú owó ọjà, ṣùgbọ́n ó ṣírò fáàtì lórí iye tó wà kí ó tó yọ ọ́. Fáàtì yẹ kó wà lórí owó tí ẹni tó rajà san ní tòótọ́ fún ọjà náà. Bí wọ́n bá ti kọ ẹ̀dínwó sórí ínfọ́ìsì gan-an, iye tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdá 7.5 yẹ kó kàn. Lórí ọjà mẹ́ta tí fáàtì tọ́ sí, tí owó ọṣẹ ìwẹ̀ bá ti di ₦213,000, àròpọ̀ wọn jẹ́ ₦636,900, ẹ̀dínwó ibẹ̀ jẹ́ ₦12,738, fáàtì tí wọ́n sì fi gbà kọjá lórí rẹ̀ jẹ́ ₦955.35.

Ṣé ₦955.35 tó ohun tí à ń kọ̀wé sí? Àwọn kan á ní kò tó. Lórí owó tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà, ó kéré jọjọ, àkókò tí a ó fi ṣàlàyé rẹ̀ fún akọ̀wé alágbàtà sì lè ná wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún lè sọ pé bí ẹ̀dínwó bá jẹ́ èyí tí a máa rí gbà kìkì tí a bá tètè sanwó, alágbàtà ní ìdí láti ṣírò fáàtì lórí gbogbo owó náà kí ó tó mọ̀ bóyá a ó tètè san. Àwọn tó wà ní ìhà kejì ò ní gbà. Lójú tiwọn, kì í ṣe ₦955.35 ni ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni. Àṣìṣe nọ́ńbà tó yípò lè má tún ṣẹlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ alágbàtà bá ti ń ṣírò fáàtì kí ó tó yọ ẹ̀dínwó, gbogbo ìwé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò ní àṣìṣe náà nínú, bí ọjà bá sì ṣe pọ̀ ni yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Bákan náà ni fáàtì orí ìrẹsì: ó jọ pé ẹnì kan ló ṣètò ẹ̀rọ náà láti fi ìdá 7.5 sórí àròpọ̀ láìwo irú ọjà. Nínú àṣìṣe mẹ́ta tí a rí, méjì jẹ́ àṣà, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ àgbákò.

Ẹ wo bí owó náà ṣe rí tí a bá tún un ṣe. Ọjà tí fáàtì kàn lẹ́yìn ẹ̀dínwó jẹ́ ₦624,162, fáàtì rẹ̀ sì jẹ́ ₦46,812.15. Ìrẹsì lẹ́yìn ẹ̀dínwó jẹ́ ₦402,780. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,073,754.15, nígbà tí ínfọ́ìsì béèrè ₦1,124,524.50. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦50,770.35. ₦30,825 ti orí ìrẹsì wá, ₦955.35 ti orí ẹ̀dínwó, ₦18,990 tó kù sì ti orí ọṣẹ ìwẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ti ọṣẹ ìwẹ̀ kì í ṣe ₦18,000 bó ṣe hàn lójú. Fáàtì fi ₦1,350 kún un, ẹ̀dínwó sì yọ ₦360 kúrò níbẹ̀. ₦360 yẹn wà fún àǹfààní ẹni tó rajà, ó sì yẹ kó wọ inú ìṣirò bí èyí tó ṣe é níbi. Àkọsílẹ̀ tó ń ka ohun tó wà lọ́wọ́ alágbàtà nìkan, tí kì í ka ohun tó wà lọ́wọ́ wa, alágbàtà tó bá mọ ìṣirò kò ní fi ojú gidi wò ó.

Tí ẹ bá ti wá rí gbogbo èyí, ìbéèrè kejì ló kù: kí ni a ó fi ránṣẹ́? Àwọn tó ní kí a má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ ń ro àjọṣe. Alágbàtà tó ń fún yín ní ọjà láwìn, tó ń fi àpò ìrẹsì pamọ́ dè yín nígbà tí ọjà bá wọ́n, kì í ṣe ẹni tí ẹ fẹ́ fi ìwé ẹ̀sùn dá lóhùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àkọsílẹ̀ àìbáramu bá gùn, akọ̀wé tó gbà á lè fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó ṣe pàtàkì á sì bá èyí tí kò ṣe pàtàkì lọ. Mọ́tò ń dúró, iye owó ọjà lè yí padà kí a tó parí àríyànjiyàn, ọjà tí a kò rí gbà lónìí sì lè ná wa ju ₦955 lọ.

Àwọn tó ní kí a fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ ń ro àwọn ìwé tó ṣì ń bọ̀. Ohun tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀ lónìí, ẹ ò lè fi ṣe ẹ̀rí lóṣù mẹ́fà sí i. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún fáàtì gbọ́dọ̀ fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí kí ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá, orí ínfọ́ìsì sì ni ìṣirò náà dúró lé. Bí òṣìṣẹ́ owó orí bá wá yẹ ìwé wò, tí ó sì bá fáàtì lórí ìrẹsì níbẹ̀, ó lè béèrè ohun tí ẹni tó rajà fi gbà pé owó orí tí òfin kò béèrè ṣeé yọ kúrò nínú tirẹ̀. Àìkọ̀wé nígbà náà kò ní jẹ́ sùúrù mọ́.

Ó dà bíi pé ohun kan tó lè la àwọn méjèèjì ni irú òwò tí ẹ ń ṣe. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún fáàtì, tí ẹ sì ń gba fáàtì lọ́wọ́ oníbàárà, fáàtì tí ẹ san lórí ọṣẹ máa ń yọ kúrò nínú èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba. ₦955.35 á wulẹ̀ gba ọwọ́ yín kọjá ni, ibi tí fáàtì ti lè dùn yín ní tòótọ́ kò ju orí ìrẹsì lọ. Ṣùgbọ́n bí ilé ìtajà yín bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òfin kò fi ní kó gba fáàtì, kò sí ibi tí ẹ ó ti gbà á padà. Kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan di owó ọjà, yóò sì jáde nínú èrè yín. Ìyẹn ni pé ilé ìtajà kékeré, tí àkókò rẹ̀ kéré jù, ni àìyẹ̀wò ń ná lówó jù. N kò mọ bí a ṣe lè tú okùn yẹn láìfún un ní ọ̀nà tó yá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè sísanwó wà níbẹ̀. Àwọn kan gbà pé kí a dá gbogbo owó dúró títí ínfọ́ìsì tuntun tàbí kírẹ́dítì nóòtù yóò fi dé. Ó mọ́ kedere, ìwé àti owó á sì jọ bára mu nínú báńkì. Ṣùgbọ́n ó fi ìyà jẹ alágbàtà lórí mílíọ̀nù kan nítorí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Àwọn mìíràn á fúnra wọn yọ ìyàtọ̀ náà, wọ́n á san ìyókù láìsọ ohunkóhun. Ó yá, àmọ́ ní ìwé alágbàtà, gbèsè ló máa dà, nígbà tó bá sì di ìparí ọdún, kò sí ẹni tí yóò rántí ìdí rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni kí a san èyí tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, kí a sì sọ fún wọn ní ọjọ́ kan náà ohun tí a dá dúró àti ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti wo ìhà méjèèjì, ohun tí mo wá gbà ni pé àríyànjiyàn yìí ń so ohun méjì pọ̀ tó yẹ kó wà lọ́tọ̀: kíkọ sílẹ̀ àti bíbéèrè. Gbogbo àìbáramu ló yẹ ká kọ sínú ìwé tiwa, nítorí a kò mọ̀ ṣáájú èyí tí yóò di àṣà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká béèrè lọ́nà kan náà. Bí a bá kọ ọ́ ní ìpele mẹ́ta, ó rọrùn: èyí tí kakulétọ̀ fi hàn, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin tàbí àdéhùn, àti èyí tí ojú kò lè kà. Ìpele àkọ́kọ́ la ó béèrè gẹ́gẹ́ bí owó. Ìkejì la ó béèrè gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè, a ó sì fi ìdí tiwa sí i. Ìkẹta kì í ṣe àṣìṣe, fọ́tò tó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ la ó béèrè.

Fún ìwé àpẹẹrẹ wa, ohun tí ọlọ́jà náà lè kọ ránṣẹ́ kò gùn: ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. A ti yẹ ínfọ́ìsì yín wò. Ìlà kejì, ọṣẹ ìwẹ̀ páálí 15 ní ₦14,200 jẹ́ ₦213,000, ₦231,000 ló wà níbẹ̀. A tún rí fáàtì lórí ìrẹsì, a sì gbà pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Bákan náà, ó jọ pé wọ́n ṣírò fáàtì kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Iye páálí ọṣẹ ìfọyín kò hàn dáadáa, a kà á sí 10. A ti san ₦1,073,754.15. Tí ìṣirò yín bá yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ̀, kí ẹ sì fún wa ní kírẹ́dítì nóòtù tàbí ínfọ́ìsì tuntun fún ìyókù.’

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí ní ilé alágbàtà lè gbà pẹ̀lú ìlà kejì, kí ó sì jiyàn lórí ẹ̀dínwó. Bí ó bá fi hàn pé ẹ̀dínwó náà wà fún ẹni tó bá tètè sanwó nìkan, ₦955.35 yẹn lè padà sọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní jẹ́ ìtìjú fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí ìbéèrè la ṣe gbé e kalẹ̀. Bí ó bá sì fi hàn pé ẹ̀rọ wọn ló ti ń fi fáàtì sórí ìrẹsì, nígbà náà kí ẹ padà sí àwọn ínfọ́ìsì tó ti kọjá, kí ẹ ṣí èyí tó ní ìrẹsì nínú, kí ẹ sì ṣírò fáàtì orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìwé tí a ti san owó wọn tán ni àkọsílẹ̀ yẹn yóò ti wúlò jù fún yín.